Ṣé Ojú Owó Ló Ń Bí Iye, Àbí Iye Ló Ń Bí Ojú Owó?

Gbólóhùn méjì ni àwọn tó ń tajà lọ́jà wa fi ń gbèjà iye tí wọ́n pe ọjà wọn. Wọ́n lè ní, "Ojú owó nìyẹn, mi ò jèrè kankan lórí ẹ̀." Wọ́n sì lè yí i padà kí wọ́n bi oníbàárà pé, "Èló lẹ fẹ́ san?" kí wọ́n tó mọ irú ọjà tí wọ́n máa gbé fún un. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ tẹ́ńdà fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ìjọba kò kúrò lórí gbólóhùn méjèèjì yìí. Èkíní ni mo máa pè ní èrè-lé-ojú-owó: wọ́n á ka gbogbo ohun tí iṣẹ́ máa ná wọn, wọ́n á lé èrè lé e, iye dé nìyẹn. Èkejì ni ojú owó àfojúsùn: iye tí oníbàárà lè san ni wọ́n á kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n á yọ èrè tí wọ́n fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ná jù.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ méjèèjì wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-ìwé girama aládàáni kan n'Ìbàdàn fẹ́ tábìlì oníjòkòó méjì 120, onírin àti pulaiwúùdù, àti pé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní wẹ́dà, káfíńtà àti pẹ́ńtà fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye ọjà tí mo lò, kí ẹnikẹ́ni má mú wọn lọ sọ́jà. Ìṣirò inú wọn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ ka láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Irin, pulaiwúùdù, ọ̀dà, ìṣó àti ẹlẹ́kítíróòdù fún tábìlì kan jẹ́ ₦32,000. Owó iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ₦8,000. Èyí kò ṣòro, nítorí ohun tí ojú ń rí ni. Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni owó tí kò sí lára tábìlì kankan ṣùgbọ́n tí gbogbo tábìlì gbọ́dọ̀ san: owó ilé, dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ọdẹ, àtúnṣe ẹ̀rọ, àti owó oṣù ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ka ti ara wọn, wọ́n á ní èrè ni àwọn ń jẹ. Kì í ṣe èrè. Bí o bá ṣàìsàn lọ́la, ẹni tó máa dúró nípò rẹ máa gba owó oṣù.

Ká sọ pé gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù yìí jẹ́ ₦720,000 lóṣù, tí ọ̀gá sì gbà pé oṣù kan ni iṣẹ́ náà máa gbà. Ó pín in sí 120, ó kan tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ₦6,000. Owó ọkọ̀ láti kó wọn dé ilé-ìwé jẹ́ ₦80,000 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta ni ọkọ̀ máa lọ, ìyẹn ₦2,000 lórí tábìlì kan. Ojú owó wá pé ₦48,000.

Ṣàkíyèsí ohun tó fara sin níbẹ̀. ₦6,000 yẹn kò ti ọjà wá, inú "oṣù kan" ló ti wá. Bí iná bá ń lọ lemọ́lemọ́, tí iṣẹ́ gba oṣù kan àbọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù lórí tábìlì kan di ₦9,000, tí ₦360,000 sì ti bá a lọ láìsí ẹni tó jí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kótéṣọ̀n kan dúró dáadáa, kó má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye irin. Kó béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kó sì wo iye ọjọ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn.

Ó wá ku èrè. Ọ̀gá ní òun fẹ́ kí 20 nínú 100 owó tó bá wọlé jẹ́ èrè. Ọmọ tó ń bá a ṣírò mú ₦48,000, ó fi 20 nínú 100 rẹ̀ lé e, ó kọ ₦57,600. Ó dà bí ẹni pé ó tọ̀nà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú tẹ́ńdà sì nìyẹn. Èrè tó wà nínú ₦57,600 jẹ́ ₦9,600, èyí kò sì ju nǹkan bíi 16.7 nínú 100 owó tó wọlé lọ. Èrè tí a lé lórí ojú owó àti èrè tí a wọ̀n nínú iye kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ 20 nínú iye gbọ́dọ̀ lé 25 lórí ojú owó, tàbí kó pín ojú owó sí 0.8: ₦48,000 di ₦60,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦2,400 lórí tábìlì kan, ₦288,000 lórí gbogbo iṣẹ́. Mo ti rí i tí ọ̀gá méjì bára wọn jiyàn lórí "èrè ogún" fún wákàtí kan gbáko, tí ọ̀kan ń wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀, tí èkejì ń wọ̀n ọ́n láti òkè.

Èrè-lé-ojú-owó ní ibi tó dára sí. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí òrùlé tí ikán ti wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ iye igi tó ti jẹrà títí wọ́n á fi ṣí i, ìwà òmùgọ̀ ni kí o dá iye kan lé e. Kí oníbàárà san ohun tí o bá ná pẹ̀lú rìsíìtì, kí ó sì san owó iṣẹ́ tirẹ lé e. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan pàtó tí ẹ ti fẹnu kò sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìnáwó. Bí ó bá jẹ́ ìdá, bí o bá ṣe ń náwó oníbàárà tó ni tìrẹ ń pọ̀ tó. Nínú òfin agbára ogun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1941, wọ́n ka irú àdéhùn ìdá-lórí-ìnáwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, òfin ìpèsè ìjọba àpapọ̀ wọn sì ṣì kà á léèwọ̀ dòní. Èyí tó ní owó iṣẹ́ pàtó ni wọ́n fàyè gbà.

Tábìlì kì í ṣe òrùlé oníkán. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ni a lè wọ̀n. Nígbà tí ọ̀gá sì mú ₦60,000 rẹ̀ dé iwájú màmá tó ni ilé-ìwé, màmá ní ìgbìmọ̀ àwọn ti ya ₦55,000 sọ́tọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fáàtì kò sí níbẹ̀, àwọn kò sì ní kọjá rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ti ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Wọ́n á gbà á kí iṣẹ́ má bọ́, wọ́n á wá lọ ra páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti fi bo ara wọn láṣìírí. Tàbí wọ́n á bínú lọ sílé.

Ọ̀nà kẹta ni Toyota gbé gẹ́gẹ́ ní Japan láti àwọn ọdún 1960, tí wọ́n pè ní genka kikaku, òun ni mo pè ní ojú owó àfojúsùn lókè. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ọkọ̀ bá ti dé orí ìlà iṣẹ́, kò sí owó ńlá tí wọ́n tún lè dín kù mọ́. Ìgbà tó ṣì wà lórí bébà ni a ti ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa ná wọn. Nítorí náà iye ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá, àwọn tó ń yàwòrán ni wọ́n sì ń lé ojú owó bá a. Òfin kan ló di gbogbo rẹ̀ mú: ohun tí iye kò bá lè gbé, wọn kì í ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù tábìlì lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú téèpù àti bébà. ₦55,000 ni iye. Èrè 20 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦11,000. Ojú owó kò wá gbọdọ̀ ju ₦44,000 lọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ jẹ́ ₦48,000, àlàfo ₦4,000 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ₦480,000 lórí tábìlì 120. Ìbéèrè kò sí lórí ẹni tí a máa bẹ̀ mọ́. Ó ti dórí ohun tí a máa yí padà lára tábìlì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú tábìlì. Abala pulaiwúùdù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122 sí 244. Ojú tábìlì tí wọ́n yà jẹ́ 110 sí 42. Bí wọ́n bá gé e lọ lórí 244, márùn-ún ló ń jáde, tí ìrépé sẹ̀ǹtímítà 34 tí kò wúlò fún nǹkan kan sì ń ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá sọ 42 di 40, mẹ́fà ló ń jáde, ohun tí ayùn máa jẹ sì ṣì wà nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tó kù. Abala 24 di 20. Bí abala kan bá jẹ́ ₦30,000, ₦120,000 ti kúrò nílẹ̀, ọmọ ilé-ìwé kò sì pàdánù ohunkóhun, nítorí ìwé tó tóbi jù tó máa ṣí sórí rẹ̀ kò gùn tó 30.

Ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Gígùn páìpù kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 6. Ẹsẹ̀ tí wọ́n yà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 78, méje ló ń jáde, 54 sì ń di ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹsẹ̀ bá di 74.5, mẹ́jọ ló ń jáde. Ẹsẹ̀ 480 tó ń gba páìpù 69 wá gba 60. Ní ₦11,000 lórí ọ̀kan, ₦99,000 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi nínípọn pulaiwúùdù kún 78, wọ́n rí i pé tábìlì àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 80, ọmọ JSS á máa gbé èjìká sókè kó tó lè kọ̀wé lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tuntun náà ló tún bá ara ọmọ mu.

Pẹpẹ ìkówèésí abẹ́ tábìlì, tó jẹ́ pulaiwúùdù ₦3,500, di irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ní ₦2,200. ₦156,000 tún kúrò, èérún búrẹ́dì kò sì ní máa gbélé níbẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ẹsẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ kí tábìlì kan lè jókòó lórí èkejì nínú ọkọ̀, ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì dípò ìgbà mẹ́ta, ₦80,000 kúrò.

Ó ku ₦25,000. Ibí ni ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà ti dábàá páìpù tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 1.2 dípò 1.5. Àbá yẹn á bo àlàfo náà, á tún ní àṣẹ́kù. Ọ̀gá kọ̀, mo sì rò pé ó ṣe dáadáa. Iná wẹ́dà máa ń lu páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ létí ojú jíjó, ọmọ méjì á máa fì lórí rẹ̀, kí ọdún tó yí po ojú jíjó á ti là. Oníbàárà tó gbọ́n tún lè mọ̀: páìpù onígun mẹ́rin oní-ínṣì kan, mítà 6, tó jẹ́ 1.5, wọ̀n tó kílò 6.6, 1.2 kò ju nǹkan bíi 5.4 lọ. Ìwọ̀n ọjà lásán ti tó láti tú àṣírí. Ojú owó àfojúsùn ń gé ohun tí oníbàárà kò lò. Bí o bá gé ohun tó ń lò láìsọ fún un, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Owó àsansílẹ̀ ni wọ́n fi dí ₦25,000 yẹn. Bí ilé-ìwé bá san 60 nínú 100 ṣáájú, ṣọ́ọ̀bù máa ra gbogbo páìpù 125 lẹ́ẹ̀kan, oníirin á sì yọ ₦200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú owó bọ́ sí ₦44,000 géérégé.

Tẹ́ńdà ìjọba yàtọ̀ díẹ̀, nítorí kò sí màmá tó máa sọ ohun tó wà lápò rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n Òfin Ìpèsè Ìjọba ti ọdún 2007 ní kí wọ́n máa ṣí àpòòwé tẹ́ńdà ní gbangba, kí wọ́n sì ka orúkọ àti iye tí olúkúlùkù kọ sí etí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ jókòó síbẹ̀, tó ń kọ iye wọ̀nyẹn sínú ìwé kódà nígbà tí kò bá díje, ti mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka sẹ́yìn. Òfin yẹn tún ní tẹ́ńdà tó kéré jù lẹ́yìn àyẹ̀wò, tó sì bá gbogbo ohun tí wọ́n béèrè mu, ni kó borí. Nítorí náà, níbẹ̀, o kò lè dín ẹsẹ̀ tábìlì kù láti 78 sí 74.5 lójú ara rẹ bí wọ́n bá ti kọ 78 sínú ìwé. Béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé.

Ó wá ku lẹ́tà. Nọ́ńbà lásán ni ọ̀pọ̀ kótéṣọ̀n ń fi ránṣẹ́, oníbàárà á wá fi ₦55,000 wé ₦51,000 ẹlòmíràn láìmọ̀ pé kì í ṣe tábìlì kan náà. Bí ọ̀gá ṣe kọ tirẹ̀ rèé:

*Sí Màmá Olùdásílẹ̀ Ilé-ìwé,*

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ.*

*Iye tábìlì oníjòkòó méjì 120 tí ẹ ní ká ṣe rèé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦55,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,600,000. Fáàtì 7.5 nínú 100 jẹ́ ₦495,000, ìjọba ló ni ín, kì í ṣe tiwa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,095,000. Owó kíkó wọn dé inú kíláàsì wà níbẹ̀.*

*Nígbà tí a kọ́kọ́ ríra, ₦60,000 ni mo pè é. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti fowó pamọ́ sínú ìyẹn tẹ́lẹ̀. Tábìlì náà ni a tún yà, àwọn ohun tó sì yí padà nìyí. Ojú tábìlì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 dípò 42, kí abala pulaiwúùdù má bàa ṣòfò. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 76 dípò 80, èyí tó rọrùn fún àwọn ọmọ jù. Pẹpẹ ìwé jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò pulaiwúùdù. Bí ẹ bá fẹ́ dá èyíkéyìí padà sí bó ṣe wà, ẹ sọ fún wa kí a tó gé irin, a ó kọ iye rẹ̀ fún yín.*

*Ohun tí a kò fọwọ́ kàn ni páìpù. Mìlímítà 1.5 ni a máa lò jákèjádò. Ẹ lè rán ẹnìkan wá kó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ọjà bá dé, kílò 6.6 tàbí nítòsí rẹ̀ ni páìpù kan máa jẹ́. Bí ojú jíjó kankan bá là láàárín ọdún kan, a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.*

*Iye yìí dúró lórí àsansílẹ̀ 60 nínú 100, ìyẹn ₦3,960,000, nítorí ríra irin lẹ́ẹ̀kan náà wà lára ohun tó jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ ó san ìyókù pẹ̀lú fáàtì nígbà tí tábìlì bá pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ máa gbà láti ọjọ́ tí àsansílẹ̀ bá wọlé. Ọjọ́ 14 ni iye yìí máa dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbọ́dọ̀ tún padà béèrè iye irin.*

*A fi tábìlì kan tí a ti ṣe tán ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kí ẹ lè jókòó sí i.*

*Èmi ni tiyín ní tòótọ́,*
*Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù.*

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú lẹ́tà náà. Kò sọ èrè rẹ̀, kò sọ owó ṣọ́ọ̀bù, kò dárúkọ ẹni tó ń ta irin fún un. A kì í ṣí ìwé ìnáwó ẹni fún oníbàárà àfi bí àdéhùn bá jẹ́ ti òrùlé oníkán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sì rojọ́ pé ọjà wọ́n, nítorí màmá náà ń ra ìrẹsì. Fáàtì ni mo fẹ́ tọ́ka sí jù. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ló ti gòkè láti 5 sí 7.5. Ká ní ọ̀gá kọ ₦55,000 lásán, tí màmá sì gbà pé fáàtì ti wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi ₦3,837 ni ìjọba máa mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, màmá pè. Ó ti jókòó sí tábìlì náà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ bá òun mú un wá sí ₦52,000.

Ọ̀gá kò ṣe àríyànjiyàn, kò sì gé e lórí fóònù. Ó padà sídìí bébà. Ní ₦52,000, èrè 20 nínú 100 jẹ́ ₦10,400, ojú owó kò gbọdọ̀ ju ₦41,600 lọ. Ó ní ₦2,400 láti wá. Bí pẹpẹ irin bá kúrò pátápátá, ₦2,200 dé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ilé-ìwé bá lè wá kó ìdajì, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tí ilé-ìwé bá yọ kúrò jẹ́ ₦667 lórí tábìlì kan, ó dí àlàfo tó kù, ó tún ṣẹ́ kù. Ó pè é padà: "Mà, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò ní ní ibi tí wọ́n á kówèé sí, ẹ ó sì yá wa lọ́kọ̀ yín lọ́jọ́ kan. Èwo lẹ fara mọ́?"

Màmá ní kí ó jẹ́ kí pẹpẹ yẹn wà níbẹ̀.